Bí a ṣe ń sọ ṣáàtì eyín di ètò ìtọ́jú tí pẹ́ṣẹ́ǹtì lè tẹ̀ lé

Ṣáàtì eyín, àwa oníṣègùn la ń kọ ọ́ fún ara wa. Nọ́ńbà la fi ń tò ó, láti òkè lápá ọ̀tún yí ká títí dé ìsàlẹ̀, eyín tó ti ń jẹrà nínú àti eyín tó kàn ní ihò kékeré kan á jọ wà lójú ìwé kan náà, kò sí èyí tó ga ju ìkejì lọ. Pẹ́ṣẹ́ǹtì ò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ohun tóun fẹ́ mọ̀ ni pé kí lẹ máa ṣe fún mi lónìí, kí ló lè dúró, èló ni màá mú wá, tówó bá wá tán láàrin ọ̀nà ńkọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn gan-an lèmi máa ń fi tò ó. Ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan bá parí sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó jẹ́ pé tí pẹ́ṣẹ́ǹtì ò bá tètè padà wá, ẹnu rẹ̀ ò ní burú ju bá a ṣe bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ètò kan tí ò ṣeé dá dúró níbì kankan àfi tó bá parí tán, ẹ tún un tò.

Ẹnu ìyá kan ni màá fi ṣàlàyé, mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kẹ́nì kankan má bàa dá wọn mọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Màmá Aláṣọ, wọ́n lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, Gbági n'Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tajà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Eyín kan nísàlẹ̀ ló gbé wọn wá, tí wọ́n bá ti fi rún nǹkan ó máa dùn wọ́n dé etí. Ohun tó wà nínú fáìlì wọn lẹ́yìn àyẹ̀wò àti ẹ́kísíréè rèé:

```
BP 162/98   amlodipine 10 mg
46     DO caries, deep; cold (-); TTP (+); PA radiolucency
36     missing
28     retained roots
26     O caries, shallow; cold (+)
14     cervical wear, buccal
42-32  calculus, gingival enlargement, mobility I, PD 5-6 mm
BPE    3 2 3 / 3 4 3
```

Ìlà mẹ́jọ péré, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á fún Màmá bó ṣe wà yìí, wọ́n á ní "ẹ ṣeun dókítà," wọ́n á sì ra oògùn ìrora lọ́nà ilé.

Kọ́kọ́ rí i dájú pé eyín tó wà lórí ìwé lẹ̀ ń sọ

Ẹ máà rẹ́rìn-ín, ibí lọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà méjì méjì tá a ń lò yìí, ti àkọ́kọ́ ń sọ igun ẹnu, ìkejì ń sọ ipò eyín látàárín iwájú lọ sẹ́yìn. 4 ni ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà 46 ni eyín kẹfà níbẹ̀. Ọ̀tún pẹ́ṣẹ́ǹtì ló ń jẹ́ ọ̀tún o, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wo ìwé, nítorí lórí ṣáàtì ọwọ́ òsì yín ni 46 máa wà. Tó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni pẹ́ṣẹ́ǹtì ti gbé ìwé ẹ̀ dé, ẹ túbọ̀ la ojú, torí àwọn yẹn ń ka eyín láti 1 dé 32 ni. 46 tiwa, 30 ni wọ́n ń pè é. Èyí tó léwu jù ni àwọn nọ́ńbà tó wà nínú méjèèjì: 14 tiwa jẹ́ eyín kẹrin lókè lápá ọ̀tún, 14 tiwọn sì ni eyín ńlá kẹfà lókè lápá òsì, èyí táwa ń pè ní 26. Àgbékalẹ̀ ẹnu Màmá náà ní méjèèjì nínú, ẹ wò ó bí èèyàn ṣe lè dí eyín tí ò ní ihò.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ sọ ọ́ fún pẹ́ṣẹ́ǹtì, ẹ máà sọ fún un pé kó ka eyín látàárín débi kẹfà. Ẹni tó bá ti yọ eyín kan rí á kà á sí ibòmíì. Màmá ò ní 36 mọ́, tí wọ́n bá ka mẹ́fà lápá òsì nísàlẹ̀, 37 ni ìka wọn máa bà lé. Ẹ fi dígí fún wọn lọ́wọ́, ẹ fi irin kan eyín náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ahọ́n kàn án fúnra wọn, kẹ́ ẹ wá fún un lórúkọ tí ẹ̀yin méjèèjì máa máa lò: "eyín tó ń dùn yín," "gbòǹgbò tó kù sókè," "eyín iwájú ìsàlẹ̀ tó ń mì." Orúkọ yẹn náà lẹ máa kọ sínú ètò, nọ́ńbà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ẹ̀yin.

Ẹ tún un tò: tá ò bá fọwọ́ kàn án ńkọ́?

Ẹ gbé ìwé míì, ẹ má wo nọ́ńbà mọ́. Ẹ bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tá ò bá fọwọ́ kàn án láàárín oṣù mẹ́fà.

46 kò gbóhùn nígbà tá a fi nǹkan tútù sí i, ó sì ń dùn wọ́n tá a bá fi ẹ̀yìn dígí kàn án, ẹ́kísíréè tún fi ojú dúdú hàn nídìí gbòǹgbò. Ẹran inú eyín náà ti kú nìyẹn, kòkòrò sì ti jáde sínú eegun. Tá a bá fi í lẹ̀, ó lè wú lójijì, ó sì lè gba abẹ́ àgbọ̀n lọ. Òun ló ṣíwájú, kò sí àríyànjiyàn.

Àwọn tó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀ ló kàn: èrìgì tó wú tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí líle tó ti di òkúta mọ́ eyín iwájú ìsàlẹ̀, gbòǹgbò 28, àti ihò kékeré tó wà lórí 26. Kò sí èyí tó máa gbé wọn lọ sí ẹ́májẹ́ńsì lọ́la, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń tẹ̀síwájú. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn eyín iwájú yẹn, torí amilodipíìnì wà níbẹ̀. Oògùn yẹn lè mú kí èrìgì wú gun eyín lọ́wọ́ àwọn kan, pàápàá tí ìdọ̀tí bá pọ̀. Tí èrìgì bá ti gun òkè, irin tá a fi ń wọn ọ́n á wọlé dé 5 tàbí 6 mìlímítà láìjẹ́ pé eegun ti lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́kísíréè ló máa sọ òótọ́ fún yín: ẹ wo ibi tí eegun dúró sí. Tí eegun bá ṣì ga, èrìgì ló gòkè, tí eegun bá sì ti lọ sílẹ̀, àrùn èrìgì gidi ni. Ti Màmá jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì, eegun ti lọ díẹ̀, ìyẹn ló sì ṣàlàyé bí eyín náà ṣe ń mì díẹ̀.

Lẹ́yìn náà la ó wá dé orí ohun tó ti bàjẹ́ tán tí kò ní burú sí i lóṣù mẹ́fà. Àlàfo 36 wà nínú ìyẹn. Ibi tó jẹ lára 14 lẹ́bàá èrìgì náà wà níbẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń fi orín ata gbo eyín látọ̀tún sósì ló fà á. Ẹ ò ní láti dí ìyẹn báyìí. Tẹ́ ẹ bá dí i láì yí ọwọ́ padà, ọwọ́ yẹn náà ló máa gbo ohun tẹ́ ẹ fi dí i kúrò. Kí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kí wọ́n lo ọṣẹ eyín fún eyín tó ń ta, ká máa wò ó lọ.

Ohun tí ò sí nínú ṣáàtì

Kẹ́ ẹ tó kọ ìpele kankan, ẹ jókòó bi wọ́n. Èmi kì í bi wọ́n pé "ṣé ẹ fẹ́ rúùtù kánààlì?", ta ló máa fẹ́ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní, "Màmá, tá a bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kí lẹ fẹ́ kí ẹnu yín lè ṣe?" Wọ́n ní kí àwọn lè jẹ ẹran lápá ọ̀tún, kí ẹ̀jẹ̀ sì yéé yọ lẹ́nu àwọn tí àwọn bá ń fọ̀ ọ́. Wọn ò dárúkọ àlàfo 36 rárá. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní ọdún tí wọ́n ti yọ ọ́ pẹ́ gan-an, àwọn ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ wá rí i, 36 tó máa ń gba ìdajì owó nínú ètò ọ̀pọ̀ èèyàn bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú tiwọn.

Ẹ béèrè ọjọ́ tọ́jà kì í há wọn lọ́wọ́, ẹ béèrè ta ló máa bá wọn wá, ẹ béèrè bí owó ṣe ń wọlé. Fún ọlọ́jà, owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí owó oṣù, ẹni tó bá ń dá àjọ á mọ oṣù tóun máa kó o, ẹ lè fi káráùnù sí oṣù yẹn. Ẹ tún béèrè oògùn tí wọ́n ń lò níkọ̀ọ̀kan, títí kan àgbo.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ńkọ́? 162/98 ga, ṣùgbọ́n kò tíì tó 180/110 tá a fi ń dá iṣẹ́ tó lè dúró dúró. A lè tọ́jú eyín tó ń dùn wọ́n, ká ṣe é jẹ́jẹ́, ká rí i pé abẹ́rẹ́ mú dáadáa torí ìrora fúnra ẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga. Ká wá kọ lẹ́tà sí dókítà tó ń tọ́jú wọn, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ga, pé èrìgì wọn wú, ṣé oògùn míì wà tó lè rọ́pò amilodipíìnì. Kí Màmá máà dá oògùn náà dúró fúnra wọn o, ẹ fi ẹnu sọ ọ́, ẹ tún kọ ọ́ sínú ètò, torí tẹ́ ẹ bá ti ní "oògùn yín ló ń wú èrìgì," àwọn kan á ti dà á nù kí wọ́n tó délé.

Títo ìpele

Ìpele kìíní ò ju kí ìrora àti kòkòrò dúró lọ. Fún Màmá, ìjókòó kan: ẹ ṣí 46, ẹ kó gbogbo jíjẹrà inú ẹ̀, ẹ fọ inú gbòngbò, ẹ fi oògùn sí i, ẹ dí i fúngbà díẹ̀. Ẹ máà fi oògùn apakòkòrò rọ́pò ìyẹn. Eyín tó kú ò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oògùn wọ inú ẹ̀, amọsilíìnì àti fílájìlì tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì ò lè dé ibi tí kòkòrò wà. Ibi tó bá ti wú tó ń ràn, tàbí tí ibà bá wà, ìyẹn ni oògùn ti wúlò, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí i náà lẹ máa mọ̀ bóyá eyín náà ṣeé gbà là. Nígbà tí jíjẹrà bá tán, ẹ wo iye eyín tó lágbára tó kù lókè èrìgì yí ká. Tó bá tó nǹkan bíi mìlímítà méjì tí káráùnù lè dì mú, ẹ tẹ̀síwájú. Tí ò bá sí, tàbí tí ilẹ̀ eyín ti là, yíyọ ló kù. Nítorí náà, nínú ètò àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Ẹ máà ṣèlérí rúùtù kánààlì fún eyín tẹ́ ẹ ò tíì rí inú ẹ̀.

Ìpele kejì ni dídá àrùn tó kù dúró, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífọ eyín àti kíkọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ nílé, kí èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dí ihò kankan. Ohun tí mo máa ń wò níbí ni abẹ́rẹ́: 26 àti 28 wà lápá kan náà lókè lósì, ẹ ṣe méjèèjì níjókòó kan, ẹ kọ́kọ́ dí 26 kẹ́ ẹ tó yọ gbòǹgbò 28, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa bá yín nínú iṣẹ́ dídí. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn fún Màmá, ṣọ́ọ̀bù wọn ò sì ní máa wà ní títì lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ parí gbòngbò 46, kẹ́ ẹ dí i pa gidi, kí ohun tẹ́ ẹ fi dí i bo orí eyín náà, kì í ṣe kó kàn wà láàárín.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni mo ti sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ lè dúró. Eyín ńlá tá a ti ṣe rúùtù kánààlì sí, tí ògiri ẹ̀ ti tín-ínrín, lè là sí méjì nígbà tí wọ́n bá ń jẹ eegun. Tí owó káráùnù bá máa pẹ́, ohun tẹ́ ẹ fi dí i tó bo orí eyín yẹn ló máa dáàbò bò ó dìgbà náà.

Lẹ́yìn ìpele kejì, ẹ dúró. Ìdúró yìí gan-an gbọ́dọ̀ wà nínú ètò, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ síbẹ̀, torí táwọn èèyàn ò bá rí i níbẹ̀ wọ́n máa rò pé iṣẹ́ ti tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá lẹ́yìn fífọ ìdí eyín ni kẹ́ ẹ tún èrìgì wọn wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èrìgì ò tíì san tán, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí máa tàn yín. Tí ibi tó jìn bá ti wálẹ̀ sí 4 mìlímítà tí ẹ̀jẹ̀ ò sì yọ mọ́, kò sí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Tí èrìgì bá ṣì ga bó ṣe wà, tí dókítà wọn sì ti ṣe ohun tó lè ṣe lórí oògùn, ìgbà yẹn lẹ máa wá sọ̀rọ̀ gígé èrìgì.

Ìpele kẹta ni àtúnṣe tó ń gba owó: káráùnù 46 ló ṣíwájú, gígé èrìgì tó bá kù, àlàfo 36 tí Màmá bá fẹ́. Fún àlàfo yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo eyín òkè tó kọjú sí i, ìyẹn 26, ṣé ó ti ń sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo 37 bóyá ó ti ń dẹ̀gbẹ́. Tó bá ti pẹ́ tó ò sì mì kúrò nípò ẹ̀, fífi í sílẹ̀ jẹ́ ìpinnu gidi, ẹ kọ ọ́ sínú ètò bẹ́ẹ̀: "a fi í sílẹ̀, Màmá ló yàn bẹ́ẹ̀." Ìpele kẹrin ni bíbójú tó o: kí wọ́n máa wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì ya ẹ́kísíréè 46 lẹ́yìn ọdún kan láti rí i pé ojú dúdú náà ń dínkù.

Ìwé tí Màmá máa gbé lọ sílé

Ojú ewé kan ni kó jẹ́. Ẹ máa lo "ẹ," ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ kọ ibi tí wọ́n lè dúró sí. Owó, ẹ kọ ọ́ ní ìpele ní ìpele, ẹ máà kọ àpapọ̀ ńlá sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ta ilẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káráùnù bá ń gba owó ṣíwájú, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Èyí ni mo kọ fún Màmá:

*Màmá, ìtọ́jú ẹnu yín rèé. A kọ ọ́ lọ́jọ́ ______.*

*Ní ọ̀sẹ̀ yìí: Eyín tó ń dùn yín nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún (46) ti kú nínú, kòkòrò sì wà nídìí ẹ̀. A máa ṣí i, a máa fọ inú ẹ̀, a máa dí i fúngbà díẹ̀. Tá a bá rí i pé kò ṣeé gbà là, a máa sọ fún yín kí a tó yọ ọ́. Owó: ______.*

*Ìrora á lọ lẹ́yìn èyí, àmọ́ àìsàn náà ò tíì tán. Ohun tá a fi dí i kì í pẹ́, a gbọ́dọ̀ dí i gidi kó tó di ọjọ́ ______. Tí ẹnu bá wú lọ sí ọrùn, tí ẹ ò bá lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, tàbí tí ibà bá dé, ẹ lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, ẹ máà dúró dọjọ́ tá a dá.*

*Ní oṣù tó ń bọ̀: Ìjókòó kejì, a máa fọ eyín, ká fi bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ nílé hàn yín. Ìjókòó kẹta, lókè lósì, a máa dí ihò kékeré kan (26), ká yọ gbòǹgbò tó kù (28). Ìjókòó kẹrin, a máa parí eyín tó ń dùn yín, ká dí i gidi. Owó ìjókòó kọ̀ọ̀kan: ______, ______, ______.*

*Tí ẹ bá parí èyí tówó bá há díẹ̀, ẹ lè dúró síbí. Ẹ kàn máa fọ ẹnu yín, kẹ́ ẹ sì wá lọ́jọ́ ______ ká tún èrìgì yín wò. Ọ̀fẹ́ / owó àyẹ̀wò: ______.*

*Lẹ́yìn ìyẹn: A máa pinnu bóyá èrìgì nílò gígé. A máa fi ìbòrí sí eyín tá a gbà là (46) kó má bàa là. Àlàfo tó wà nísàlẹ̀ lósì, ẹ ní ẹ ò fẹ́ nǹkan síbẹ̀ báyìí, a fi í sílẹ̀.*

*Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín: ẹ máa lò ó lọ. Ẹ gbé lẹ́tà yìí fún dókítà yín, òun nìkan ló lè yí i padà.*

Ẹ rí i pé mi ò kọ "àrùn èrìgì ìpele báyìí báyìí," mi ò kọ nọ́ńbà ìwọ̀n kankan. Ìyẹn wà nínú fáìlì. Ohun tí ìwé yìí gbọ́dọ̀ ní tí fáìlì ò ní ni ọjọ́, ibi ìdúró, àti àmì ewu. Tí pẹ́ṣẹ́ǹtì ò bá mọ̀wé kà, ẹ ka ìwé náà sórí Wásáàpù ọmọ wọn bí ohùn, ẹ máà jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ o, torí ẹnu wọn ni, kì í ṣe ti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín

"Ṣé ó yé yín?" ò tó. Àgbà Yorùbá á ní "ó yé mi" láti bọ̀wọ̀ fún dókítà, kò sì ní yé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé, "Màmá, tí Bàbá bá bi yín nílé, kí lẹ máa sọ pé a fẹ́ ṣe?" Màmá kọ́kọ́ sọ pé, "Wọ́n á fọ eyín tó ń dùn mí, ó parí." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídí onígbà díẹ̀ ò tíì wọlé, mo wá padà sórí gbólóhùn yẹn, mo fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un sọ, wọ́n ní, "Kò ní dùn mí mọ́ ṣùgbọ́n mi ò tíì bọ́, mo gbọ́dọ̀ padà wá kí ohun tí wọ́n fi dí i yẹn tó jẹ." Ó ti wọlé.

Àwọn tó máa ń sọnù nínú ètò, lẹ́yìn ìpele kìíní ló pọ̀ jù, torí ìrora ti lọ. Ẹ lè mọ̀ ọ́n ṣáájú: ẹni tó bá ń béèrè ìgbà tí ìrora máa dá nìkan, tí ò béèrè ọjọ́ ìpàdé kejì. Fún irú wọn, ẹ dá ọjọ́ ìjókòó kejì kí wọ́n tó dìde lórí àga, kí nọ́ọ̀sì pè wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ ọjà Gbági ò ní láti jẹ́ ọjọ́ yín.

Tí ètò bá yí padà

Ó máa yí padà. Nígbà tá a ṣí 46 Màmá, jíjẹrà náà ò wọ abẹ́ èrìgì bó ṣe dà bíi pé ó wọ̀ ọ́ lórí ẹ́kísíréè, ògiri méjì ṣì lágbára, a bá a lọ. Ká ní ilẹ̀ eyín ti là ni, ètò náà ò ní jẹ́ bó ṣe wà yìí: 46 á bọ́ sí ìpele kìíní láti yọ, rúùtù kánààlì àti káráùnù á kúrò, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa jẹ ẹran lápá ọ̀tún á sì di nǹkan pàtàkì ní ìpele kẹta, pẹ̀lú eyín àfisí tàbí bíríìjì, lẹ́yìn tójú egbò ti san, ìyẹn bíi oṣù méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wọn ẹnu fún un. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máà fi bírò gé nǹkan lórí ìwé àtijọ́. Ìwé tí nǹkan kan gé tán, tí nǹkan kan tún wà lókè ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ń lọ. Ẹ kọ tuntun, ẹ fi ọjọ́ tuntun sí i, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ fi í sínú fáìlì pẹ̀lú ìdí tó fi yí padà ní ìlà kan, kẹ́ni tó bá gba àga yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wà ní lífù mọ̀ ìdí tí 46 fi di yíyọ.